Kí Ni Akọ̀wé Ti Kọ Sínú Ìwé Tẹ́lẹ̀?

Nínú kíláàsì ìṣírò owó, orúkọ ni olùkọ́ fi máa ń to àwọn àtúnṣe ìparí ọdún: owó tí a san sílẹ̀, owó tí a jẹ tí a kò tíì san, owó tí a gbà sílẹ̀, owó iṣẹ́ tí a ti ṣe tí kò tíì wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ á há òfin ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí. Àmọ́ ìbéèrè ìdánwò kì í sábà dárúkọ ara rẹ̀. Á kàn wí pé wọ́n san owó ilé báyìí lọ́jọ́ báyìí, á sì dákẹ́. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a tú àwọn òfin náà, kí a tún wọn tò bí àtẹ ìpinnu: ìbéèrè nínú àpótí, ọfà méjì lára rẹ̀, títí a ó fi kan dẹ́bítì àti kírẹ́dítì.

Àpótí àkọ́kọ́ ń béèrè bóyá owó ti kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí kò bá tíì rí bẹ́ẹ̀, wàhálà kò pọ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ilé-iṣẹ́ kan ń san ₦150,000 fáwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, fún iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún. Ọdún ìṣírò wọn parí ní 31 oṣù Kejìlá ọdún 2024, tí í ṣe ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n ti fi ọjọ́ méjì ṣiṣẹ́, owó rẹ̀ kò sì tíì jáde. Ìdá méjì nínú márùn-ún jẹ́ ₦60,000: dẹ́bítì owó iṣẹ́, kírẹ́dítì gbèsè owó iṣẹ́. Bó bá jẹ́ àwa la ti ṣiṣẹ́ tí wọn kò tíì sanwó fún wa, a ó dẹ́bítì onígbèsè wa, a ó sì kírẹ́dítì owó iṣẹ́ tí a rí.

Ibi tí owó ti kọjá ni ọ̀rọ̀ wà. Ìbéèrè tó yẹ kó tẹ̀ lé e níbẹ̀ kì í sábà sí nínú nóòtì rárá: inú àkáùǹtì wo ni akọ̀wé ti kọ owó náà sí?

Ẹ mú owó ilé ọdún kan, ₦1,200,000, tí wọ́n san ní 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Títí di òpin oṣù Kejìlá, oṣù mẹ́ta la ti lò, ₦300,000. Oṣù mẹ́sàn-án ṣì wà nílẹ̀, ₦900,000. Bí tíráyà bálánsì bá gbé gbogbo owó náà sí ìnáwó, èyí tí a kò tíì lò la ó yọ kúrò níbẹ̀: dẹ́bítì owó ilé tí a san sílẹ̀ ₦900,000, kírẹ́dítì ìnáwó owó ilé. Bó bá jẹ́ pé inú owó tí a san sílẹ̀ ló wà, èyí tí a ti lò la ó yọ: dẹ́bítì ìnáwó ₦300,000, kírẹ́dítì owó tí a san sílẹ̀. Èsì kan náà ni méjèèjì bí, àmọ́ iye owó àti ìhà tí a kọ ọ́ sí yàtọ̀.

Ẹni tó bá lo òfin kejì níbi tí òfin àkọ́kọ́ yẹ yóò rí i pé ìnáwó owó ilé oṣù mẹ́ta di ₦1,500,000, ohun ìní sì gbé kírẹ́dítì ₦300,000 lọ́rùn. Kò sí ohun ìní tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ohun ìní, tíráyà bálánsì ìdánwò tiwa nílẹ̀ Nàìjíríà sì sábà máa ń gbé e sí ìnáwó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi fídíò wọn kọ́ṣẹ́ ni ó sábà máa ń kó sínú páńpẹ́ yìí.

Owó tí a gbà sílẹ̀ ń tọ ọ̀nà kan náà. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sí owó tó wọlé, a ó yọ èyí tí a kò tíì ṣiṣẹ́ rẹ̀, a ó sì gbé e sí gbèsè. Bó bá ti wà ní gbèsè, a ó yọ èyí tí a ti ṣiṣẹ́ rẹ̀, a ó gbé e sí owó tó wọlé.

Ìdínkù iye ẹ̀rọ àti gbèsè tó ṣeé ṣe kó má wọlé mọ́ kò bá ìbéèrè owó wọ̀nyí mu. Èmi a fi àpótí kékeré kan ṣáájú fún wọn: ṣé wọ́n fún wa ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tàbí iye ọdún tí ẹ̀rọ yóò lò? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ yà síbẹ̀.

Àpótí ìkẹyìn ni ti àyẹ̀wò. Ẹsẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wà nínú èrè àti àdánù, èkejì nínú bálánsì ṣíìtì, kò sì gbọdọ̀ sí owó ọwọ́ tàbí báńkì níbẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá kọ báńkì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àṣìṣe akọ̀wé ni ìbéèrè náà ń sọ, irú bí owó iná tí wọ́n san ní 30 oṣù Kejìlá tí wọ́n gbàgbé láti kọ sílẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ti àtẹ yìí.

Wọn kì í jẹ́ kí a gbé bébà wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, nítorí náà orí ni a ó ti yà á sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Àpótí márùn-ún kò ju ohun tí a lè rántí lọ. Ohun tí kò lè bá yín ṣe ni kíka oṣù: láti 1 oṣù Kẹwàá dé 31 oṣù Kejìlá, mẹ́ta ni, àwọn kan sì wà tí wọ́n á yọ mẹ́wàá kúrò nínú méjìlá, tí wọ́n á kọ méjì.