Eruku Tó Ń Fara Pamọ́ Sábẹ́ Fáànù Kọ̀ǹpútà

Bí ọyẹ́ bá ti dé ní oṣù Kejìlá, ẹjọ́ kan náà ló máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe: "Ó kàn ń pa ara ẹ̀ ni." Ẹ jẹ́ ká mú ti obìnrin kan tó ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé ní ṣọ́ọ̀bù kan n'Íbàdàn, lẹ́bàá ọ̀nà tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí. Ilẹ̀ lábẹ́ tábìlì ló gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí. Láàárọ̀, ẹ̀rọ náà á ṣiṣẹ́ dáadáa. Tó bá tó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, fáànù á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, iṣẹ́ á máa falẹ̀, ẹ̀rọ á sì kú lójijì. Ẹnì kan ti ní kó lọ ra pàwà sọ́pláì tuntun.

Owó ọ̀fẹ́ nìyẹn ì bá jẹ́ fún ẹni tó ń tà á. Ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ náà wà lábẹ́ fáànù kékeré tó wà láàárín inú rẹ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ kan tò jọ sábẹ́ fáànù yìí bí eyín òòyà. Òun ló ń gba ooru lára ọpọlọ kọ̀ǹpútà, kí fáànù tó fẹ́ ooru náà dànù. Eruku, irun àti òwú ara aṣọ á lẹ̀ pọ̀ sórí irin náà, wọ́n á di bíi ẹní pẹlẹbẹ kan. Tí ẹ bá ń wò ó láti òkè, fáànù ń yí, kò sí ìṣòro. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn kò ráyè kọjá. Nígbà tí ooru bá ń sún mọ́ 100 lórí ìwọ̀n Sẹ́ńsíọ́ọ̀sì, ọpọlọ kọ̀ǹpútà á dín iṣẹ́ rẹ̀ kù. Tí kò bá tù ú, ẹ̀rọ á pa ara rẹ̀ kó má baà jóná.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó tú nǹkan kan. Bí ẹ bá ti tan kọ̀ǹpútà, ẹ máa tẹ `F2` tàbí `Delete` títí ojú ìwé BIOS á fi jáde, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ `CPU Temperature` sí. Bó bá ju 70 lọ nígbà tí kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan, ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà atẹ́gùn ti dí.

Láti nù ún, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán. Ẹ gbé e síta, ẹ bo imú. Ẹ tú pátákó ẹ̀gbẹ́ òsì. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń ṣí tí ẹ bá kọjú sí i. Kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ẹ fọwọ́ kan irin ara àpótí náà níbi tí kò ní ọ̀dà. Ṣé ẹ mọ iná tó máa ń ta èèyàn nígbà ọyẹ́ tó bá fọwọ́ kan irin? Èyí tí ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ lára pàápàá lè ba mẹ́mọ́rì jẹ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ ki ẹnu ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí ilé bọ inú rẹ̀.

Bọ́rọ́ọ̀ṣì ọ̀dà tuntun tó ní irun rírọ̀ àti bíláwà kékeré ti tó. Ẹ fi ìka kan di abẹ fáànù mú kó má lè yí, torí pé bíláwà lè mú kó yí kọjá agbára rẹ̀, kó sì bàjẹ́. Ẹ fi bọ́rọ́ọ̀ṣì tú eruku tó lẹ̀ mọ́ irin náà, kí ẹ wá fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ láti bí ìbú ọwọ́ méjì, kó lè gba ẹ̀yìn jáde. Bí fáànù bá ṣeé yọ lọ́tọ̀, ẹ yọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé òun àti irin ló jọ ń kúrò, ẹ fi í sílẹ̀: òróró kan wà láàárín irin náà àti ọpọlọ kọ̀ǹpútà, èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ fi òmíràn rọ́pò bí wọ́n bá ti pínyà. Pàwà sọ́pláì ní tirẹ̀, ìta ni kí ẹ ti fẹ́ ẹ. Ẹ má tú u láé. Iná ṣì lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà.

Mo ti rí àwọn tó gbé kọ̀ǹpútà lọ sọ́dọ̀ fọganáísà. Atẹ́gùn rẹ̀ le jù, ó sì máa ń pọ omi àti epo dà sínú ẹ̀rọ.

Inú yàrá tó mọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún tó. Ní irú ṣọ́ọ̀bù obìnrin yẹn, ẹ ṣe é ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ sì ṣí i wò lóṣooṣù nígbà ọyẹ́. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ihò iwájú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ sórí àpótí igi, torí pé ìgbálẹ̀ gan-an ló ń gbé eruku bọ́ sínú rẹ̀. Aṣọ tí ẹ fi ń bò ó, ìgbà tí ẹ bá ti pa á nìkan ni kí ẹ lò ó. Bí ẹ bá sì ti nù ún tán tí `CPU Temperature` kò kúrò lókè 70, òróró náà ló ti gbẹ tàbí kí fáànù ti rẹ̀. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà.