Ìwé Máníjà Lórí Fódà Àjọlò

Ìwé tí máníjà ọ́fíìsì máa ń kọ nígbà tí oṣù bá ń parí lọ, pé kí òṣìṣẹ́ palẹ̀ fódà wọn mọ́ lórí dírààfù àjọlò, kì í sábà ju ìlà mélòó kan lọ. Bí kò bá sọ ohun tó yẹ kí wọ́n pa rẹ́ àti ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, fáìlì tí ọ́fíìsì kò ní rí mọ́ lè bá a lọ.

Dírààfù àjọlò ni ibi ìpamọ́ tí gbogbo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì jọ ń lò. Níbi tí wọ́n ti ń lo Windows, ó sábà máa ń wà lórí sáfà, òṣìṣẹ́ á sì máa rí i pẹ̀lú lẹ́tà kan, bíi `S:`. Kí á fi ilé-iṣẹ́ kékeré kan n'Íbàdàn ṣe àpẹẹrẹ: dírààfù rẹ̀ gba 500 jigabáìtì, 460 sì ti kún. 40 tó kù kò ju 8 nínú 100 lọ. Bí ààyè bá ti dín sí 10 nínú 100, ọ̀pá tí Windows fi ń ṣàfihàn rẹ̀ á di pupa. Bó bá kún tán, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ kò ní lè fi iṣẹ́ pamọ́ síbẹ̀, ó sì lè jẹ́ àkókò tí àwọn akáwó ń parí ìṣirò oṣù gan-an.

Lẹ́tà àti ìwé owó kọ́ ló sábà ń gba ààyè. Fídíò ayẹyẹ ọ́fíìsì àti ẹ̀dà fódà kan náà tí ènìyàn mẹ́ta ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń gbà á. Windows kì í kọ bí fódà ṣe tóbi síwájú orúkọ rẹ̀, nítorí náà ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá tẹ èyí sí àpótí ìwákiri nínú dírààfù náà á rí fáìlì tó ju 500 mẹgabáìtì lọ:

```
size:>500MB
```

Ibi tí ewu wà nìyí. Fáìlì tí òṣìṣẹ́ bá pa rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ máa ń lọ sínú Recycle Bin, ó sì ṣeé gbà padà. Èyí tó bá pa rẹ́ lórí dírààfù àjọlò kì í sábà gba ibẹ̀ kọjá rárá. Àmì rẹ̀ ni pé Windows á béèrè bóyá ó dá a lójú láti pa á rẹ́ pátápátá, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà `permanently delete`. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka ìbéèrè yìí kí wọ́n tó tẹ Yes. Lẹ́yìn ìyẹn, àfi bí ẹ̀dà bá wà níbòmíràn.

Fáìlì tó dà bí ògbólógbòó pàápàá lè wúlò. Ìwé Excel tòní lè máa fa iye owó jáde láti inú ìwé Excel ọdún tó kọjá. Òfin náà ní ọ̀rọ̀ sọ: CAMA ti ọdún 2020 ní kí ilé-iṣẹ́ tọ́jú ìwé ìṣirò owó rẹ̀ fún ọdún 6. Èyí tí wọ́n kọ ní oṣù kẹfà ọdún 2021 gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ di oṣù kẹfà ọdún 2027. Ní ìdà kejì, Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 kò fẹ́ kí á tọ́jú ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn kọjá ìgbà tí ó nílò, irú bí àwòrán káàdì ìdánimọ̀ ẹni tó wá wáṣẹ́ tí kò rí i gbà.

Nítorí náà, ó sàn kí ìwé náà pín iṣẹ́ sí ẹ̀ẹ̀mejì. Máníjà ilé-iṣẹ́ yẹn lè kọ ọ́ báyìí:

“Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ wa, ẹ kú iṣẹ́. Ààyè `S:` ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ jọ̀wọ́, kó tó di ọjọ́ 21, ẹ kó fídíò àti ẹ̀dà tí ẹ kò lò mọ́ láti inú fódà ẹ̀ka yín lọ sínú `S:\FUN_PIPARE`. Ẹ má pa ohunkóhun rẹ́ fúnra yín. Ẹ má fọwọ́ kan ìwé owó. Ẹ má kó fáìlì lọ sórí fláàṣì. Bí ohun kan bá kọ̀ tí kò ṣí, ẹ sọ fún mi kó tó di ọjọ́ 28.”

Kíkó fáìlì láti fódà kan sí òmíràn lórí dírààfù kan náà kò dá ààyè kankan padà. Ohun tí ọ̀sẹ̀ kan yẹn wà fún ni pé bí ìwé Excel kan bá ń wá fáìlì tí wọ́n ti gbé kúrò, yóò figbe ta nígbà tí fáìlì náà ṣì wà nítòsí, wọn á sì dá a padà. Ní ọjọ́ 28, ẹnì kan ṣoṣo tí máníjà yàn yóò wo orúkọ tó wà nínú fódà náà pẹ̀lú olórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ni yóò pa á rẹ́. Ẹ̀dà ìpamọ́ ti òpin oṣù yóò tẹ̀ lé e. Ti oṣù tó ṣáájú, tí àwọn fáìlì tí wọ́n pa rẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀, kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n máa kọ tuntun lé lórí.