Ìpè àti ìkéde nínú íméèlì akọ̀wé ẹgbẹ́: bí a ṣe ń sọ pé owó oṣù fẹ́ yí padà

Íméèlì tí akọ̀wé ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kétu bá fi ránṣẹ́ lè ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀: kí ó pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sí ìpàdé, kí ó sì sọ fún wọn pé owó ẹgbẹ́ fẹ́ yí padà. Ibi tí iṣẹ́ méjèèjì ti ń dí ara wọn lọ́wọ́ ni a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín. Àwa fúnra wa ni a kọ àpẹẹrẹ tí a lò. Ẹgbẹ́ aránṣọ ni a fi ṣe é: ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń san 1,000 fáráǹkì lóṣù, ìgbìmọ̀ sì fẹ́ kí ó di 1,500.

Akọ̀wé tí ó fi èdè Faransé kàwé lè ti ro lẹ́tà náà ní Faransé kí ó tó kọ ọ́. Ohun tí yóò jáde nìyí:

«Mo ní ọlá láti fi tó yín létí pé owó oṣù ti di 1,500 fáráǹkì. Ìpàdé yóò wáyé ní ọjọ́ Àìkú, 15 oṣù kẹta 2026.»

«Mo ní ọlá» kò ba nǹkan kan jẹ́, àfi pé ó dà bí ẹni pé akọ̀wé ń yin ara rẹ̀. Ní Yorùbá, ẹgbẹ́ ni ó ń kí ni, òun náà ni ó ń pe ni. «Fi tó yín létí» ni ó le jù. Ọ̀rọ̀ tí ó ti parí ni a fi ń tó ènìyàn létí. Bí ó bá sì ti parí, kí ni a tún ń pe ìpàdé fún? Bí ìwé òfin ẹgbẹ́ bá sọ pé ìpàdé gbogbogbò ni ó ń pinnu owó, ẹni tí ó ka íméèlì yìí lè rò pé wọ́n ti pinnu lẹ́yìn òun, kí ó sì jókòó sílé.

Ìyàtọ̀ náà wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré. «Ó ti di 1,500»: ó ti ṣẹlẹ̀. «Yóò di 1,500»: kò tíì ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí iyèméjì níbẹ̀. Àwọn kan rò pé «yóò» rọ̀ díẹ̀; kò rọ̀ rárá. «Kí ó di 1,500» nìkan ni ó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ìpàdé, pàápàá bí «ìgbìmọ̀ dá a lábàá» bá ṣáájú rẹ̀.

Ohun kejì ni oṣù tí owó tuntun yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo aránṣọ tí ó ti san 12,000 fáráǹkì fún ọdún náà láti oṣù kìíní. Bí owó tuntun bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, oṣù mẹ́sàn-án ni ó kù, 4,500 ni yóò fi kún un. Bí wọ́n bá ní «láti ọdún yìí», ẹlòmíràn lè kà á láti oṣù kìíní, kí ó sì béèrè 6,000. Àríyànjiyàn 1,500 fáráǹkì nìyẹn, owó oṣù kan gédégbé, lórí ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. A lè tún un kọ báyìí:

«Ẹgbẹ́ ń kí yín, ẹ kú iṣẹ́. Ó ń pè yín sí ìpàdé gbogbogbò ní ọjọ́ Àìkú, 15 oṣù kẹta 2026, ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀. Ìgbìmọ̀ dá a lábàá pé kí owó oṣù kúrò ní 1,000 fáráǹkì, kí ó di 1,500, láti oṣù kẹrin 2026. Ìpàdé ni yóò pinnu. Ẹni tí ó bá ti san owó ọdún yìí tán kò ní fi nǹkan kan kún un.»

Gbólóhùn ìkẹyìn náà, ìgbìmọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ fún akọ̀wé. Akọ̀wé kò lè dá a sọ. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé a kọ owó àtijọ́ àti tuntun pọ̀. Bí a bá kọ 1 500 bí àwọn Faransé ṣe ń kọ ọ́, pẹ̀lú àlàfo, ojú fóònù lè gé e sí méjì, kí 500 nìkan bọ́ sí ìlà kejì.

Ó ku ọjọ́ tí a ó fi í ránṣẹ́. Ká ní ìwé òfin ẹgbẹ́, tí a kọ ní Faransé, béèrè ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko, èyí tí a kì í ka ọjọ́ ìfiránṣẹ́ àti ọjọ́ ìpàdé mọ́. Yorùbá a máa ka ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ mọ́ iye: láti ọjọ́ Àìkú kan dé èkejì, ọjọ́ mẹ́jọ ni. Nítorí náà, akọ̀wé tí ó fi íméèlì ránṣẹ́ ní 1 oṣù kẹta yóò ka 15 oṣù kẹta sí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kejì oṣù dé ọjọ́ kẹrìnlá, mẹ́tàlá péré ni. Ọmọ ẹgbẹ́ tí kò fẹ́ san owó tuntun lè sọ pé ìpè náà kò bófin mu, ìwé òfin yóò sì gbè é lẹ́yìn. Ọjọ́ Ẹtì, 27 oṣù kejì, ni ó yẹ kí íméèlì náà ti lọ, ó pẹ́ tán.