Gálọ́ọ̀nù Mélòó Ni Yàrá Kan Máa Gbà?

Ọ̀pọ̀ onílé kì í wọn ògiri kí wọ́n tó ra ọ̀dà. Ẹnu kunlékunlé ni wọ́n máa ń wò. Bẹ́ẹ̀, téèpù ìwọnlé nìkan ti tó.

Ẹ jẹ́ ká mú yàrá tó gùn ní mítà 4, tó fẹ̀ ní mítà 3, tó sì ga ní mítà 3. Àròpọ̀ ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ mítà 14. Ní ìlọ́po gíga rẹ̀, ó di 42 mítà onígun mẹ́rin. Ilẹ̀kùn kan àti fèrèsé méjì gba nǹkan bíi 5 nínú rẹ̀, ó ku 37.

Ara agolo ni wọ́n máa ń kọ ibi tí lítà kan lè kùn dé sí. Bó bá jẹ́ 10, tí wọ́n sì fẹ́ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, 74 ni wọ́n máa fi 10 pín: lítà 7.4. Gálọ́ọ̀nù onílítà 4 méjì ni. Àjà, tó jẹ́ 12, máa gba lítà 2.4 fún ẹ̀ẹ̀mejì. Gálọ́ọ̀nù kan tó o.

Ṣùgbọ́n ògiri dídán ni agolo ń sọ. Ògiri tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ máa ń mu ọ̀dà gan-an. Bí lítà kan ò bá kùn ju 6 lọ nígbà àkọ́kọ́, kíkùn yẹn nìkan á gbà ju lítà 6 lọ, gálọ́ọ̀nù kẹta á sì wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ dájú lè fi lítà kan dán an wò, kó wọn ibi tó kùn dé.