Àjẹmọ́nú Ìdúró: Bí Ilé Oúnjẹ Ṣe Lè Dá Òṣìṣẹ́ Dúró Láì Fi Kún Owó Oṣù

Àjẹmọ́nú ìdúró ni owó tí ilé oúnjẹ ń san fún òṣìṣẹ́ nítorí pé ó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, yàtọ̀ sí owó oṣù rẹ̀. Ibi tí owó náà ti ń wá ló mú un yàtọ̀ sí ẹ̀kúnwó oṣù: inú ohun tí onílé oúnjẹ ti ń pàdánù tẹ́lẹ̀, nígbàkigbà tí òṣìṣẹ́ kan bá lọ, ni wọ́n ti ń yọ ọ́.

Àdánù yìí fọ́nká, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kì í fi í kà á. Ká ní ilé oúnjẹ kan wà ní Ìbàdàn tó ní òṣìṣẹ́ 10, tí kálukú ń gba ₦80,000 lóṣù. Agbáwo kan lọ. Ẹni tó bá wọn wá arọ́pò gba ₦25,000. Arọ́pò náà fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ṣẹ́: ó ń gbé ẹ̀fọ́ lọ fún ẹni tó ní kí wọ́n bu gbẹ̀gìrì wá, ó ń béèrè iye owó ẹran lọ́wọ́ alásè, síbẹ̀ ₦40,000 rẹ̀ pé. Àwo tó fọ́ àti oúnjẹ tí oníbàárà dá padà jẹ́ ₦15,000. Gbogbo rẹ̀ di ₦80,000 lórí ẹnì kan ṣoṣo. Bí ènìyàn 8 bá lọ láàárín ọdún kan, ₦640,000 ti bá wọn lọ.

Inú owó yìí ni ètò náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá pé oṣù mẹ́ta gba ₦5,000. Bó bá pé oṣù mẹ́fà, ó gba ₦10,000. Bó bá pé ọdún kan, ó gba ₦25,000. Oṣù mẹ́ta ni ìpele àkọ́kọ́ nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń sá, ọdún kan sì jìn lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bí iye àwọn tó ń lọ bá já láti 8 sí 3, ₦400,000 ni kò jáde mọ́. Àwọn 7 tó dúró yóò gba ₦280,000 lápapọ̀. Àyè mẹ́ta tó kù, bí wọ́n bá tilẹ̀ pààrọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, kò ní gbà ju ₦90,000 lọ. Owó oṣù kò yí padà, ₦30,000 sì ṣẹ́ kù. Àmọ́ bí àwọn tó ń lọ bá ṣì jẹ́ 5, ètò náà yóò jẹ gbèsè. Nítorí náà ó nílò orísun kejì.

Inú ìkòkò ni orísun kejì wà. Bí wọ́n bá kó ẹran 100 sínú ọbẹ̀ láàárọ̀, tí wọ́n ta 88, tí 4 sì kù lálẹ́, 8 ni kò ní àlàyé. Bí ẹyọ kan bá jẹ́ ₦500, ₦4,000 ló lọ lójoojúmọ́. Bí èyí tó ń sọnù bá dín kù sí 3, ₦2,500 ló padà wọlé lójúmọ́, èyí tó jẹ́ ₦65,000 nínú ọjọ́ iṣẹ́ 26. Onílé oúnjẹ mú ìdajì. Gbogbo òṣìṣẹ́ pín ìdajì kejì gẹ́gẹ́ bí iye ọjọ́ tí kálukú wá síbi iṣẹ́. Nítorí pé àpò kan náà ni wọ́n ń pín, alásè àti agbáwo á jọ máa ṣọ́ ìkòkò. Alẹ́ ni kí wọ́n ka ẹran náà, lójú òṣìṣẹ́ méjì, kí wọ́n sì kọ ọ́ sára ògiri ilé ìdáná.

Ohun tó máa ń ba ètò yìí jẹ́ ni kí ọ̀gá sọ ọ́ di ìyà, kó máa yọ owó ẹran tó sọnù kúrò nínú owó oṣù. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà kò gbà kí agbanisíṣẹ́ dédé yọ owó òṣìṣẹ́ nítorí àdánù: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí pé ó ṣàìbìkítà, ọ̀gá sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ aláṣẹ ètò iṣẹ́. Nínú ètò yìí, bí ẹran bá sọnù, èrè ni kò ní wọlé; owó oṣù kò gbọdọ̀ dín.

Àṣìṣe kejì ni kí wọ́n san gbogbo àjẹmọ́nú ní oṣù Kejìlá. Òṣìṣẹ́ tó ti ń wá ibòmíràn á gba tirẹ̀ ní Kérésìmesì, á sì lọ ní oṣù Kìíní pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí kálukú wọṣẹ́ ni kí wọ́n máa fi ka tirẹ̀.

Ètò náà ní ààlà. Níbi tí owó oṣù ti ń pẹ́, tàbí tí ilé oúnjẹ ìtòsí ń san ₦20,000 jù ú lọ lóṣù, ₦40,000 lọ́dún kò lè dá ẹnikẹ́ni dúró. Ìwé kan ṣoṣo ló ń fi hàn bóyá ó ń ṣiṣẹ́: orúkọ ẹni tó lọ, ọjọ́ tó wọṣẹ́, ọjọ́ tó jáde. Bí ọ̀pọ̀ bá ń lọ kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́ta, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbani síṣẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń kọ́ni níṣẹ́ ló ní àléébù. Bí wọ́n bá ń lọ ní kété tí wọ́n gba owó ọdún kan, ìpele kẹrin ló yẹ kí wọ́n fi kún un.