Bí A Ṣe Ń Sọ Àtẹ Di Ọ̀rọ̀ Fún Ẹni Tí Kò Lè Rí I

Ká ní ẹ ti ṣe àtẹ kan tán, ẹ sì fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tí kò ríran. Bí ẹ bá ya fọ́tò rẹ̀ sórí Wọ́tsáàpù, TalkBack tó ń ka ojú fóònù fún un lè má rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ àtẹ gidi, yóò máa kà á ní àpótí kọ̀ọ̀kan. Kó tó dé ìlà kẹrin, ọ̀rẹ́ yín ti gbàgbé ti ìlà kìíní.

Àpẹẹrẹ tí mo mú rèé: ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, pẹ̀lú iye ènìyàn wọn nínú ìkànìyàn ọdún 2006 àti bí ilẹ̀ wọn ṣe fẹ̀ tó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á ka ìlà kọ̀ọ̀kan jáde: Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́, 198,720, 235, Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́, 100,815, 68. Nọ́ńbà nìyẹn, kò tíì di ọ̀rọ̀. Ojú lè fi ìlà méjì wéra lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n etí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa ni ká bá a fi wọ́n wéra.

Báyìí ni èmi yóò ṣe kọ ọ́:

“Àtẹ yìí sọ iye ènìyàn ní 2006 àti fífẹ̀ ilẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin, méjì ní Ògbómọ̀ṣọ́, méjì ní Ọ̀yọ́. Àtìbà kò sí nínú rẹ̀. Ní ìlú méjèèjì, ibi tí ilẹ̀ ti kéré ni èrò ti fún pọ̀ jù. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Àríwá ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 199 ènìyàn lórí kìlómítà 235 níbùú lóròó. Gúúsù ní bí ìdajì wọn, ẹgbẹ̀rún 101, ṣùgbọ́n lórí 68 péré. Ní Ọ̀yọ́, Ìwọ̀-Oòrùn ní ẹgbẹ̀rún 136 lórí 526. Ìlà-Oòrùn ní ẹgbẹ̀rún 124 lórí 144.”

Ẹ wo bí ó ṣe tò. Ohun tó wà nínú àtẹ ló ṣáájú, títí kan ohun tí kò sí níbẹ̀. Ohun tí àtẹ fi hàn ló tẹ̀lé e. Ìgbà yẹn ni nọ́ńbà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, olúkúlùkù lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tó ni ín: ènìyàn ṣáájú, ilẹ̀ tẹ̀lé e, láì yí i padà. Ẹ má to orúkọ mẹ́rin, kí ẹ tún wá to nọ́ńbà mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ kò ní mọ èyí tó jẹ́ ti ta. Mo gé nọ́ńbà sí ẹgbẹ̀rún nítorí pé kò yí ìtumọ̀ padà. Bí àpótí kan bá ṣófo, ẹ sọ pé kò sí nọ́ńbà níbẹ̀. Ẹ má pè é ní òdo.

Láti dán an wò, ẹ kà á sókè fún ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì bi í pé: níbo ni èrò ti fún jù ní Ògbómọ̀ṣọ́? Bó bá ní kí ẹ tún un kà, ẹ dín nọ́ńbà kù. Bí àtẹ bá ní ogún ìlà, ìpínrọ̀ kan kò lè gbé e: ẹ sọ ohun tó fi hàn, kí ẹ sì fi àtẹ gidi sísàlẹ̀, kì í ṣe fọ́tò rẹ̀.