Nọ́ńbà Tó Wà Lára Páálí Ṣọ́tùlù

Ẹni tó bá ra ṣọ́tùlù oníyẹ̀ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà òtútù, tó wá kó o wálé fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbá bádímíńtìn l'Ékòó, àfàìmọ̀ ni wọn ò ní máa gbá a kọjá ìlà ẹ̀yìn ṣáá. Kì í ṣe pé agbára wọn pọ̀ jù. Ẹ wo ara páálí náà, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí 78 níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ìwúwo ni nọ́ńbà yìí ti wá. Gíréénì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, gíréénì 77 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé gíráàmù 5. Bó bá fi nọ́ńbà kan ga sí i, á fò kọjá ibi tí èkejì bọ́ sí ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30. Ooru ń mú kí afẹ́fẹ́ fúyẹ́, kò sì ní lè fa ṣọ́tùlù sẹ́yìn tó bí afẹ́fẹ́ òtútù ti ń ṣe. Ìdí nìyí tí 75 tàbí 76 fi bá Èkó mu. Jos tutù lóòótọ́, àmọ́ orí òkè ló wà, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fúyẹ́, nítorí náà ẹ má sáré ra nọ́ńbà ńlá lọ síbẹ̀.

Ẹ lè dán an wò fúnra yín. Ẹ dúró sórí ìlà ẹ̀yìn, kí ẹ fi gbogbo agbára gbá a láti ìsàlẹ̀ sókè, kó lọ gbọọrọ. Bó bá dára, ó yẹ kó bọ́ sílẹ̀ níbi tó ku sẹ̀ǹtímítà 53 sí 99 kó kan ìlà ẹ̀yìn òdìkejì. Ká ní 78 bọ́ síbi tó ku 20 péré, ó ti yá jù. Nọ́ńbà méjì sílẹ̀, ìyẹn 76, á bọ́ síbi tó ku nǹkan bí 80.

Àwọ̀ ni wọ́n sábà fi ń dá ti náílọ́ọ̀nù mọ̀: àwọ̀ ewé fún ooru, búlúù fún àárín, pupa fún òtútù. Èmi ò ní jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi owó rẹ̀ ra oníyẹ̀ẹ́. Ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ tàbí gúùsì 16 ló wà lára rẹ̀, bí etí ráakẹ́ẹ̀tì bá sì bà á lẹ́ẹ̀mejì péré, ó lè ṣẹ́. Ti náílọ́ọ̀nù máa ń tọ́jọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá là á mọ́lẹ̀ gidigidi, ara rẹ̀ á súnkì, kò sì ní tètè dẹ̀rìn. Ti oníyẹ̀ẹ́ á kọ́kọ́ yára bí ọta, lẹ́yìn náà á dẹ̀rìn lójijì, á wá já wálẹ̀. Ẹni tó ti ń fi àárín ráakẹ́ẹ̀tì bá a dáadáa, tó sì fẹ́ lọ sí ìdíje, kò gbọdọ̀ fi náílọ́ọ̀nù nìkan múra sílẹ̀, torí àkókò tó yẹ kó na ọwọ́ yàtọ̀.

Bí ọyẹ́ bá dé, tí ìyẹ́ tuntun ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́, ó ti gbẹ jù. Ẹ fi ẹnu páálí síbi ooru omi híhó fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ní alẹ́ tó ṣáájú eré, kí ẹ sì dé e padà.